Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ gègé: bí mo ṣe mọ ìgbà tí èdè Jámánì ń lo Pẹfẹ́kìtì àti ìgbà tí ó ń lo Pẹrẹtẹ́rítùmù

Ní oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìlú Mùníìkì, ní apá gúúsù ilẹ̀ Jámánì, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí ní àkókò ìsinmi pé kí ni mo ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ti ka ìwé gírámà mi dáadáa, nítorí náà mo fi ìgboyà dá a lóhùn pé: “Ich besuchte meine Schwester. Wir kochten Reis, wir aßen zusammen, und dann fuhr ich nach Hause.” Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò, a se ìrẹsì, a jọ jẹun, mo sì padà sílé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn náà tí olùkọ́ lè fagi lé. Síbẹ̀, obìnrin náà wò mí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé kí wọ́n tó sùn. Ó wá tún un sọ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe sọ ọ́: “Ich hab meine Schwester besucht. Wir haben Reis gekocht und zusammen gegessen, und dann bin ich heimgefahren.”

Ìtumọ̀ kan náà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ mi àti nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni, oúnjẹ kan náà ni, ìrìn àjò kan náà sì ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé èmi lo Pẹrẹtẹ́rítùmù, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó dá dúró ní ẹyọ kan bíi “kochte” tàbí “fuhr”, nígbà tí òun lo Pẹfẹ́kìtì, tí ó máa ń gba ọ̀rọ̀ méjì: ọ̀kan nínú “haben” àti “sein” ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ìrísí bíi “gekocht” tàbí “gefahren” ní ìparí gbólóhùn. Mo rò pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìtumọ̀, ó sì gbà mí ní ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó jáwọ́ nínú èrò yẹn.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ẹni tí ó ń sọ Yorùbá mọ̀ pé “Mo jẹun” yàtọ̀ sí “Mo ti jẹun”. Ẹni tí ó sọ pé “Mo ti jẹun” ń sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe bu oúnjẹ fún òun, nítorí ebi kò pa òun mọ́. Ohun tí ó ti kọjá ṣì ní ọwọ́ nínú ohun tí ó wà nílẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí ó sọ pé “Mo jẹun ní ọ̀sán àná” kàn ń ròyìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ wa ní ilé ìwé tún wá kan èèkàn náà mọ́lẹ̀ sí i, nítorí wọ́n kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dárúkọ àná kò gbọdọ̀ lo ìrísí tí ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe olùrànlọ́wọ́ nínú. Nígbà tí mo wá rí “haben” nínú Pẹfẹ́kìtì, mo gbà pé “ti” wa ni ó fara hàn ní aṣọ mìíràn. Nítorí èyí, nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ dárúkọ “gestern”, tí í ṣe àná, mo máa ń sá fún Pẹfẹ́kìtì. Àṣìṣe mi gan-an nìyí. “Ich habe gestern Reis gegessen” tọ̀nà pátápátá ní èdè Jámánì, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ onílé máa ń sọ. Pẹfẹ́kìtì wọn lè jẹ́ “mo jẹun”, ó sì lè jẹ́ “mo ti jẹun”. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́.

Bí a bá ti yọ “ti” kúrò lọ́kàn, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá ẹnu ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà tàbí gègé ni a fi ń kọ ọ́. Ẹni tí ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yóò lo Pẹfẹ́kìtì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ó ń kọ ìtàn, ìròyìn tàbí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yóò lo Pẹrẹtẹ́rítùmù. Ibi tí èyí ti hàn jù ni ìbéèrè tí a bá bi ẹni tí ó wà níwájú wa. “Was hast du gestern gemacht?”, ìyẹn “kí ni o ṣe lánàá?”, ni gbogbo ènìyàn ń sọ. “Was machtest du gestern?” kò ní àléébù ní ojú gírámà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan rí níbi iṣẹ́. Ìrísí bíi “du arbeitetest” ṣòroó pè fún àwọn onílé pàápàá.

Ibi tí ènìyàn ń gbé tún dá kún un. Mùníìkì wà ní ìpínlẹ̀ Bàfáríà, àwọn ẹ̀ka èdè Jámánì tí wọ́n sì ń sọ ní gúúsù ti ju Pẹrẹtẹ́rítùmù sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu tipẹ́tipẹ́, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15 sí 16. Nínú ẹ̀ka èdè Bàfáríà gan-an, bí a bá yọ “war” àti “wollte” kúrò, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Pẹrẹtẹ́rítùmù kankan. Àwọn ẹ̀ka èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ ní Súwísàláǹdì kò tilẹ̀ ní in rárá. Pẹfẹ́kìtì ni wọ́n fi ń sọ pé “mo wà níbẹ̀” pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń gbé ní Hámúbọ̀ọ̀gì ní àríwá, máa ń gbọ́ “ich kam” àti “er ging” lẹ́nu àwọn aládùúgbò rẹ̀ jù bí mo ṣe ń gbọ́ ọ níbí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún un pé ó ń ka ìtàn ọmọdé. Bí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìwọ̀n fún tèmi, ọ̀rọ̀ mi yóò dún bí ti àlejò ní Mùníìkì. Àti “haben” àti “sein” pàápàá a máa yí padà lójú ọ̀nà: “ich habe gesessen” ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún “mo jókòó”, “ich bin gesessen” sì ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ. Méjèèjì ni ó tọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo wá gbà pé Pẹfẹ́kìtì ni ti ẹnu, mo tún kó sínú kòtò kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún gbogbo nǹkan. Mo máa ń sọ pé “Ich bin krank gewesen” fún “ara mi kò yá”, àti “Ich habe keine Zeit gehabt” fún “n kò ní àyè”. Wọ́n gbọ́ mi yé, wọn kò sì pè é ní àṣìṣe, pàápàá ní gúúsù níbí, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé “Ich war krank” àti “Ich hatte keine Zeit” ni wọ́n sábà máa ń sọ. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ kan wà tí Pẹrẹtẹ́rítùmù wọn kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọn kò sì pọ̀: “war” àti “hatte” ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń sọ nípa agbára, ọ̀ranyàn, ìfẹ́ àti àṣẹ, ìyẹn “konnte”, “musste”, “wollte”, “durfte” àti “sollte”, lẹ́yìn ìyẹn ni “es gab”, “wusste” àti “dachte”, tí àwọn onílé ń lò gan-an bí Pẹfẹ́kìtì wọn tilẹ̀ wà lẹ́nu pẹ̀lú.

Ìdí tí “konnte” àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dúró hàn kedere sí ẹni tí ó bá gbìyànjú láti yí wọn sí Pẹfẹ́kìtì. Ẹ jẹ́ kí a wò ó pé mo fẹ́ sọ pé n kò lè wá. “Ich konnte nicht kommen” kò gùn. Pẹfẹ́kìtì rẹ̀ ni “Ich habe nicht kommen können”, níbi tí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ti to tẹ̀lé ara wọn ní ìparí. Bí mo bá tún fi “weil”, tí í ṣe “nítorí pé”, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “haben” kò ní lọ sí ìparí pátápátá gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ fún àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù, iwájú àwọn méjì náà ni yóò dúró sí: “weil ich nicht habe kommen können”. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ní kíákíá yóò yàn “weil ich nicht kommen konnte”, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n kọ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá wọ̀nyí sórí ní Pẹrẹtẹ́rítùmù ní kíákíá, kí wọ́n sì sọ gbogbo ìyókù ní Pẹfẹ́kìtì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣe iṣẹ́ òru ni mo tó rí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ gègé nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Obìnrin arúgbó kan tí ó wà ní yàrá kejìlá fẹ́ dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó yọ̀, ó sì ṣubú. Ní aago 6:10 ni mo bá a lórí ilẹ̀ balùwẹ̀. Nígbà tí àwọn tí wọ́n wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa dé, mo ròyìn fún wọn lẹ́nu báyìí:

“Die Bewohnerin von Zimmer zwölf ist heute früh gestürzt. Ich hab sie um zehn nach sechs im Bad gefunden. Sie war ansprechbar, aber sie hatte Schmerzen in der Hüfte. Sie wollte allein aufs Klo und ist ausgerutscht. Ich hab den Blutdruck gemessen und den Rettungsdienst angerufen.”

Mo sọ fún wọn pé ó ṣubú, pé mo bá a ní balùwẹ̀, pé ó ń dáhùn ṣùgbọ́n ìbàdí ń dùn ún, pé ó fẹ́ dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó fi yọ̀, àti pé mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo sì pe àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì. Ní àkókò yìí, ó ti mọ́ mi lára, ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lẹ́kun. Ẹ wo bí ó ṣe rí: “ist gestürzt”, “hab gefunden”, “ist ausgerutscht”, “hab gemessen” jẹ́ Pẹfẹ́kìtì, nígbà tí “war”, “hatte” àti “wollte” dúró ní Pẹrẹtẹ́rítùmù láàárín wọn. Àdàlù yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó dún dáadáa. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò le gbandi.

Lẹ́yìn náà mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti kọ ọ́ sí abẹ́ àkọlé “Sturzprotokoll”, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ṣe nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ṣubú. Mo kọ ohun tí mo sọ, bí mo ṣe sọ ọ́: “Ich habe die Bewohnerin um 6:10 Uhr im Bad gefunden. Sie hat gesagt, dass sie ausgerutscht ist.” Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa kà á, ó sì pè mí. Ó ní kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí àṣìṣe gírámà, ṣùgbọ́n dókítà àti àwọn ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ lè wá kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó sì yẹ kí ó dún bí àkọsílẹ̀, kí ó má dún bí ọ̀rọ̀ tí a sọ nídìí kọfí. A jọ tún un kọ:

“Die Bewohnerin wurde um 6:10 Uhr im Bad auf dem Boden liegend vorgefunden. Sie war ansprechbar und klagte über Schmerzen in der rechten Hüfte. Sie gab an, sie habe allein zur Toilette gehen wollen und sei ausgerutscht. Der Blutdruck betrug 140/80. Um 6:25 Uhr wurde der Rettungsdienst verständigt.”

Ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀ nínú àtúnkọ yìí. Èkíní ni pé “ich” pòórá. “Wurde vorgefunden” kò dárúkọ ẹni tí ó rí obìnrin náà, ohun tí wọ́n rí nìkan ni ó sọ. “Wurde” sì ni Pẹrẹtẹ́rítùmù tí ó gbé e ró. Bí a bá fi Pẹfẹ́kìtì kọ ọ́, yóò di “ist vorgefunden worden”, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá pọ̀ nínú ojú ìwé kan, òǹkàwé yóò máa dúró de ọ̀rọ̀-ìṣe títí dé òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹnu mi kò lò rí ní Pẹrẹtẹ́rítùmù, bíi “klagte”, “gab an” àti “betrug”, wá wúlò. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ Pẹrẹtẹ́rítùmù. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé “fand” wá láti inú “finden”, tàbí pé “lief” wá láti inú “laufen”, kò ní lè ka àkọsílẹ̀ tí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ òru fi sílẹ̀ fún un. Èmi ń kọ́ wọn ní mẹ́tamẹ́ta títí di òní: finden, fand, gefunden, laufen, lief, gelaufen.

Gbólóhùn kẹta inú àkọsílẹ̀ náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Kí ló dé tí “habe gehen wollen” àti “sei ausgerutscht” fi wà níbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá mi ti ní kí n máa kọ Pẹrẹtẹ́rítùmù? Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ agbàsọ nìyẹn. Èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà yọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Èdè Jámánì ní ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a kò lè jẹ́rìí sí, “sei” àti “habe” sì wà lára rẹ̀. Bí ohun tí a ń gbà sọ bá ti kọjá, “haben” tàbí “sein” nìkan ni a lè fi gbé e kalẹ̀, nítorí ìrísí agbàsọ yìí kò ní irú rẹ̀ kankan tí ó rí bíi Pẹrẹtẹ́rítùmù. Nípa bẹ́ẹ̀, “gehen wollen”, irú ìtòtẹ̀lé tí gbogbo ènìyàn ń sá fún lẹ́nu, padà wá jókòó sínú ìwé tí ó ṣe pàtàkì jù. Bí mo bá ti kọ “sie rutschte aus”, èmi fúnra mi ni mo ń fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo kọ ìlà kan sí i lábẹ́ àkọsílẹ̀ náà fún àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́: “Die Tochter ist noch nicht erreicht worden.” A kò tíì rí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi kò fọwọ́ kan ìyẹn, Pẹfẹ́kìtì ni ó sì jẹ́. Níbí ni “ti” wa ti padà wúlò nígbẹ̀yìn. Nínú ìwé, níbi tí Pẹrẹtẹ́rítùmù ti gba ìjókòó, Pẹfẹ́kìtì ní àyè láti sọ pé ọ̀ràn náà ṣì wà nílẹ̀ di ìsinsìnyí. “Noch nicht” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ “kò tíì” wa gan-an. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni aago: bí mo bá lè kọ wákàtí sí i, Pẹrẹtẹ́rítùmù ni mo máa kọ, bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹni tí ó ń bọ̀ ní láti máa bá lọ ni, Pẹfẹ́kìtì ni. Àwọn oníròyìn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn a máa fi Pẹfẹ́kìtì ṣí ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀, bíi “Bei einem Unfall sind zwei Menschen verletzt worden”, ènìyàn méjì fara pa nínú ìjàǹbá kan, nítorí pé ohun tuntun ni fún ẹni tí ó ń gbọ́, láti gbólóhùn kejì lọ, wọn a bọ́ sí Pẹrẹtẹ́rítùmù láti sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: “Ein Lastwagen kam von der Fahrbahn ab”, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ibì kan wà tí “ti” ti kó mi sí wàhálà gidi, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tún kó sí i. Ní ọ́fíìsì ìjọba kan, òṣìṣẹ́ bi mí pé ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń gbé ní Mùníìkì. Mo ní lọ́kàn pé “Mo ti ń gbé níbí fún ọdún méjì”, mo sì sọ pé “Ich habe zwei Jahre in München gewohnt.” Ó béèrè ibi tí mo wá ń gbé báyìí, ó sì ti ń ṣí ojú ìwé mìíràn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo sọ fún un ni pé mo gbé níbẹ̀ rí, mo sì ti kó kúrò. Ohun tí ó yẹ kí n sọ ni “Ich wohne seit zwei Jahren in München”, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò ti kọjá rárá, nítorí pé mo ṣì ń gbé ibẹ̀. Ohun tí ó bá ṣì ń lọ lọ́wọ́ pẹ̀lú “seit” kò gba Pẹfẹ́kìtì, àfi bí a bá fi “nicht” sọ pé kò ṣẹlẹ̀: “Ich habe sie seit drei Wochen nicht gesehen”, n kò rí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo ohun tí a bá ti tẹ̀ pẹ̀lú ìka ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ gègé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí obìnrin yàrá kejìlá ṣubú, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó máa rọ́pò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo kọ “wurde vorgefunden” sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sórí fóònù ni: “Zimmer zwölf ist gestürzt, sie haben sie ins Krankenhaus gebracht. Ich war bis acht da.” Yàrá kejìlá ṣubú, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́jọ. Ó dá mi lóhùn pé: “Oje. Hast du die Tochter erreicht?” Ṣé o rí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá sọ̀rọ̀?